Nígbà tí 18% bá ju 19% lọ: ohun tí èlé orí èlé ń ṣe sí owó láàárín ọdún kan

Ìyá oníṣu kan ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú mi. Ó ti tajà, ó ti san owó àwọn àgbẹ̀ tó ń kó iṣu wá fún un láti Ìkọ̀lé, ìdajì mílíọ̀nù náírà sì ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn títí ọdún yóò fi yí po. Báǹkì méjì ti fún un níwèé. Báǹkì àkọ́kọ́ ní àwọn yóò san èlé 19% lọ́dún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ọdún bá pé. Èkejì ní 18% lọ́dún ni tàwọn, ṣùgbọ́n àwọn yóò máa fi èlé kún owó náà lóṣooṣù.

Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo wá bi ọ́. Ṣé mọ́kàndínlógún kò ju méjìdínlógún lọ ni?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ẹ má tíì fọwọ́ síwèé. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀."

Bí báǹkì kejì bá ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́, 18% yẹn ni yóò mú owó púpọ̀ wálé. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, torí mo ti rí àwọn èèyàn tó mọ̀wé dáadáa tí wọ́n fi nọ́ńbà tó tóbi jù lójú ìwé pinnu ibi tí owó wọn yóò wà fún ọdún gbáko, láìbéèrè ìgbà tí èlé náà ń wọlé.

Ojú owó ni owó tí ẹ gbé kalẹ̀. Èlé ni ọmọ tí ojú owó bí. Ọ̀rọ̀ náà yóò tètè yé ẹni tó bá ń sin ewúrẹ́. Bí ẹ bá ní abo ewúrẹ́ kan, tí ẹ sì ń ta gbogbo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń bí wọn, òun nìkan ni yóò máa bímọ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àwọn abo ọmọ sílẹ̀ nínú agbo, bó bá yá, àwọn náà á di ìyá. Ohun kan ṣoṣo tí èlé orí èlé ń bi yín nìyí: ìgbà wo ni ọmọ ń di ìyá? Ní báǹkì àkọ́kọ́, èlé kò lè di ojú owó títí ọdún á fi pé. Ní báǹkì kejì, bí oṣù bá ti parí ni èlé oṣù náà di ojú owó, láti oṣù tó tẹ̀ lé e ni òun náà á sì ti máa bímọ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún wò ó, nítorí ibẹ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ti hàn kedere jù. Ojú owó jẹ́ ₦500,000, èlé jẹ́ 18%. Bí wọ́n bá san án lẹ́ẹ̀kan ní òpin ọdún, èlé jẹ́ ₦90,000, gbogbo owó di ₦590,000. Wàyí o, ká ní wọ́n pín 18% yẹn sí méjì: 9% fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, 9% fún oṣù mẹ́fà tó kù. Nígbà tí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ bá pé, ₦45,000 á wọlé, owó á di ₦545,000. Lórí ₦545,000 yìí ni wọn yóò ti ṣírò 9% kejì, kì í ṣe lórí ₦500,000 mọ́. Èyí á fún wa ní ₦49,050, gbogbo owó á sì di ₦594,050.

Ó fi ₦4,050 ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ. Níbo ló ti wá? 9% ti ₦45,000 ni. Kò sí ẹni tó fún yín lẹ́bùn, iye èlé orí ìwé kò sì yí padà. ₦45,000 tó yẹ kó kàn jókòó de òpin ọdún ló ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún ìpínrọ̀ tó ṣáájú èyí kà bí kò bá tíì yé yín, torí gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Bí ó bá jẹ́ oṣooṣù, a ó pín 18% sí ọ̀nà méjìlá, ìyẹn 1.5% lóṣù. Oṣù kìíní, ₦7,500 wọlé, owó di ₦507,500. Oṣù kejì, 1.5% ti ₦507,500 jẹ́ ₦7,612.50, owó di ₦515,112.50. Oṣù kẹta, ₦7,726.69. Ìyàtọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan tí ènìyàn lè fi ra búrẹ́dì níbẹ̀rẹ̀, ó sì ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kejìlá, èlé oṣù náà nìkan ti di ₦8,834.62. Ní òpin ọdún, gbogbo owó jẹ́ ₦597,809.09.

Báǹkì tó ní òun á san 19% lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ńkọ́? ₦595,000 ni. Ohun tí mo fi han màmá nìyẹn: 18% ti oṣooṣù fi ₦2,809 ju 19% ti ọdọọdún lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibí, ìbéèrè kan náà ni gbogbo èèyàn ń béèrè. Bí oṣooṣù bá dára ju ọdọọdún lọ báyìí, ṣé bí a bá ní kí wọ́n máa fi kún un lójoojúmọ́, tàbí ní wákàtí wákàtí, owó kò ní kún ilé ni? Rárá o. Ẹ wo bí àfikún náà ṣe ń dínkù. Láti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sí ẹ̀ẹ̀mejì, a rí ₦4,050 sí i. Láti ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìyẹn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, owó di ₦596,259, àfikún rẹ̀ jẹ́ ₦2,209. Láti oṣù mẹ́ta mẹ́ta sí oṣooṣù, ₦1,550. Láti oṣooṣù sí ojoojúmọ́, tó jẹ́ ìgbà 365 lọ́dún, owó di ₦598,582, àfikún kò ju ₦773 lọ. Bí wọ́n bá sì wá ń fi kún un ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, tàbí ní ìṣẹ́jú àáyá, àfikún tó kù fún gbogbo ọdún náà kò pé ₦30.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí a ṣe ń sọ ìgbà di púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìpín tí ìgbà kọ̀ọ̀kan ń gbà ń kéré sí i. Ọmọ ń tètè di ìyá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kéré gan-an nígbà tó ń di ìyá. Ààlà kan wà tí owó náà kò lè kọjá. Fún 18%, ààlà náà jẹ́ 19.72% lọ́dún. Onímọ̀ ìṣirò kan láti ìlú Basel ní Súwísálándì, Jacob Bernoulli, ló kíyè sí i ní 1683 pé ààlà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó ń yẹ èlé orí èlé wò. Ó béèrè pé bí owó kan bá ń gba èlé 100% lọ́dún, tí wọ́n sì ń fi èlé náà kún un láìdáwọ́ dúró, iye wo ni yóò dà? Kì í ṣe àìlópin. Náírà kan á di nǹkan bíi náírà 2.718, ibẹ̀ ló sì máa dúró sí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wá bá yín pé owó yín á di ìlọ́po méjì lọ́dún torí pé "ojoojúmọ́" ni èlé àwọn ń gorí ara wọn, tó sì jẹ́ 18% ló wà lójú ìwé, irọ́ ni. Ojoojúmọ́ kò lè sọ 18% di ju 19.72% lọ.

Ní báyìí, a ti ní orúkọ méjì tó yẹ ká máa yà sọ́tọ̀. 18% tí báǹkì kọ ni mo ń pè ní èlé orí ìwé. Ohun tí ojú owó fi pọ̀ sí i gan-an nígbà tí ọdún pé ni mo ń pè ní èlé gidi lọ́dún. Èlé orí ìwé kò ṣeé fi wé ara wọn bí ìgbà tí wọ́n ń fi èlé kún owó bá yàtọ̀, bí ẹni ń fi kóńgò wé pẹrẹṣẹkẹ ni. Èlé gidi ṣeé fi wé ara wọn nígbà gbogbo, torí ọdún kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀n.

Bí a ṣe ń yí èlé orí ìwé padà sí èlé gidi nìyí:

```
(1 + r/n)^n - 1
```

Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. r ni èlé orí ìwé tí a kọ bí ìdá, ìyẹn 0.18 dípò 18%. n ni iye ìgbà tí wọ́n ń fi èlé kún ojú owó láàárín ọdún: 12 fún oṣooṣù, 4 fún oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ pín r sí ọ̀nà n, ẹ fi 1 kún un, ẹ wá sọ èsì náà di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ títí yóò fi pé ìgbà n. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ 1 kúrò. 1 tí a yọ yìí ni ojú owó, ohun tó kù ni èlé.

Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù kékeré tó fún un, ẹ kò sì nílò láti tẹ̀ ẹ́ nígbà méjìlá. Pẹ̀lú màmá, báyìí la ṣe ṣe é. 0.18 pín sí 12 jẹ́ 0.015, a fi 1 kún un, ó di 1.015. A fi 1.015 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, a tún fi 1.015 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di 1.045678. Oṣù mẹ́ta nìyẹn. A wá fi 1.045678 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 1.093443, oṣù mẹ́fà. A fi ìyẹn náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó di 1.195618, oṣù méjìlá. Ẹ yọ 1, ó ku 0.1956. Èlé gidi jẹ́ 19.56% lọ́dún. Ní báǹkì àkọ́kọ́, n jẹ́ 1, nítorí náà 19% tó wà lójú ìwé náà ni èlé gidi rẹ̀. 19.56% àti 19% la wá fi wéra. Ẹni tó bá ń lo Excel tàbí Google Sheets lè tẹ èyí, èsì kan náà ni yóò rí:

```
=EFFECT(0.18,12)
```

Àṣìṣe kan wà tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn tó ti mọ ìṣirò yìí pàápàá. Báǹkì máa ń kọ ọ́ pé àwọn ń ṣírò èlé lójoojúmọ́, àwọn sì ń san án lóṣooṣù. Èèyàn á rí "lójoojúmọ́", á fi 365 sí ipò n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣírò èlé lójoojúmọ́ túmọ̀ sí pé wọ́n ń wo iye tó wà nínú àkáǹtì yín lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ iye tó tọ́ sí yín bí ẹ bá fi owó sí i tàbí yọ owó láàárín oṣù. Ṣùgbọ́n èlé ọjọ́ kìíní kò tíì di ojú owó ní ọjọ́ kejì. Inú ìwé àwọn báǹkì ló wà títí oṣù á fi parí. Ìgbà tí èlé bá wọ inú ojú owó nìkan là ń kà. n jẹ́ 12 níbẹ̀ yẹn.

Ohun tó tún máa ń ba ìṣirò jẹ́ jùlọ ni ibi tí èlé ń lọ nígbà tí wọ́n bá san án. Lórí fọ́ọ̀mù owó àdásílẹ̀ tó ní gbèdéke, ó máa ń ní ibi tí ẹ ó ti yàn: ṣé kí wọ́n tún ojú owó nìkan fi sílẹ̀, kí wọ́n sì da èlé sínú àkáǹtì tí ẹ ń ná, àbí kí wọ́n tún ojú owó àti èlé fi sílẹ̀ pọ̀? Bí ẹ bá yan ti àkọ́kọ́, ₦7,500 ni ẹ ó máa gbà lóṣooṣù, ₦90,000 lọ́dún, kò ní lé kò ní dín. Ẹ ti ta ọmọ ewúrẹ́ náà. Kò burú bó bá jẹ́ pé ẹ nílò owó náà fún oúnjẹ tàbí owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má retí 19.56%. Nígbà tí a tún fọ́ọ̀mù màmá kà, ibi tí wọ́n ti bá a fàmì sí tẹ́lẹ̀ gan-an nìyẹn: ojú owó nìkan. Kò sí ẹni tó bi í. Bó bá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ kí èlé náà kàn wà nínú àkáǹtì tí kì í pa nǹkan, 19% ti báǹkì àkọ́kọ́ ì bá fi ₦5,000 jù ú lọ.

Owó-orí náà wà níbẹ̀. Báǹkì méjèèjì ni yóò yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò nínú èlé fún ìjọba kí wọ́n tó san án. Bó bá jẹ́ oṣooṣù, 1.5% á di 1.35% lóṣù. Ẹ fi 1.0135 ṣe ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí 17.46%. Ti báǹkì àkọ́kọ́ á di 17.1%. Oṣooṣù ṣì ló borí, ṣùgbọ́n àlàfo náà ti kéré sí i.

Mo tún rán màmá létí pé 18% jẹ́ ti ọdún kan, kì í ṣe ti iye ọjọ́ tí owó bá fi wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi owó sílẹ̀ fún 90 ọjọ́ ní 18%, tí wọ́n sì ń retí ₦90,000 lórí ₦500,000. ₦22,191.78 ni yóò jẹ́ kí wọ́n tó yọ owó-orí, nítorí 90 ọjọ́ nínú 365 ni wọ́n ń san fún. Èlé gidi tí a ṣírò sì gbà pé iye kan náà ni wọn yóò máa san jálẹ̀ ọdún. Bí gbèdéke bá pé lẹ́yìn 90 ọjọ́, tí èlé ti wálẹ̀ lọ́jà, iye tuntun ni ẹ ó gbà.

Ìṣirò kan náà ló wà lẹ́yìn gbèsè, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dunni jù. Ẹni tó ń yáni lówó kì í sábà sọ iye ti ọdún. Á ní, "Márùn-ún péré ni, lóṣù." Ẹ jẹ́ ká ní ₦100,000 ni ẹ yá ní 5% lóṣù. Ẹ ó fi 12 sọ 5 di púpọ̀, ẹ ó ní 60% lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè san èlé oṣù kan, tí wọ́n fi kún gbèsè, tí oṣù kejì náà tún rí bẹ́ẹ̀, 1.05 ni yóò sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ nígbà méjìlá. Gbèsè ọdún kan á di ₦179,586. Èlé gidi jẹ́ 79.59%, kì í ṣe 60%. Àwọn bàbá wa mọ irú owó yìí, sọgúndogójì ni wọ́n ń pè é, torí ogún yóò di ogójì lọ́rùn ẹni tó yá a. Bí gbèsè ₦100,000 yẹn bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsan kọ́bọ̀, ó ti di ìlọ́po méjì. Kí ẹ kíyè sí i pé ní ti irú iye yìí, tí wọ́n ti pè ní ti oṣù, ẹ kò ní pín in sí méjìlá mọ́. 5% náà ni ìpín oṣù kan.

Màmá padà sí báǹkì kejì ní ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè méjì péré ló béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó jókòó síbẹ̀: ọjọ́ wo ni èlé ń wọlé, ibo ló sì ń wọ̀? Ó ní kí wọ́n fún òun ní fọ́ọ̀mù mìíràn, ó fàmì sí ojú owó àti èlé, ó sì dúró títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Nígbà tí oṣù kejì parí, ó fi alẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù rẹ̀ hàn mí: ₦513,591.13. A jọ fi ẹ̀rọ ìṣirò wò ó lórí àpótí tó fi ń jókòó ta iṣu. Oṣù kìíní, ₦6,750 lẹ́yìn owó-orí. Oṣù kejì, ₦6,841.13. Ó fi ìka sí ₦91.13 tó wà láàárín méjèèjì, ó ní, "Ọmọ ọmọ nìyí."